Ínfọ́ìsì INV-9135 kò bá ìwé ọ́dà PO-4471 àti ìwé ìfijíṣẹ́ DN-2086 mu: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u palẹ̀ kí owó tó jáde

Sí: Ọ̀gá Ẹ̀ka Owó, ilé iṣẹ́ tó kó ọjà fún wa
Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé Owó Sísan
Ẹ̀dà sí: Ẹ̀ka Rírà Ọjà, Olùtọ́jú Sítóò
Ọjọ́: 24 oṣù Kẹta

Ọ̀gá mi mà,

Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ pè lánàá lórí owó ẹrù tí ẹ kó wá ní ọjọ́ 17 oṣù yìí. Mo ní màá kọ gbogbo ohun tó dá owó náà dúró ránṣẹ́ sí yín, torí pé ọ̀rọ̀ oníṣirò kì í yanjú lórí fóònù. Òun nìyí.

6,402.00 ni ínfọ́ìsì yín pè. Iye tí ìwé ọ́dà àti ẹrù tó wà ní sítóò wa ṣe ẹlẹ́rìí fún jẹ́ 5,558.00. Nǹkan mẹ́rin ló bí 844.00 tó wà láàárín méjèèjì. A ò tíì dá ínfọ́ìsì náà padà, a ò sì tíì tẹ́wọ́ gbà á. Kọ̀ǹpútà ló dì í mú nígbà tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ ohun kan náà, èmi nìkan kò sì lè tú u sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín kí a tó pinnu ohunkóhun. Gbogbo iye tí mo kọ síhìn-ín ni kò ní owó orí ọjà nínú.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó lọ́jú pọ̀ jù ṣáájú, ìyẹn sẹ́lótéèpù.

Ní ìlà kejì ìwé ọ́dà, páálí 40 la béèrè, páálí kan ní 54.00. Ìwé ìfijíṣẹ́ yín náà kọ páálí 40, olùtọ́jú sítóò wa kà á, ó pé. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ínfọ́ìsì, páálí ti pòórá: ẹyọ 1,440 lẹ kọ, ẹyọ kan ní 1.80. Ẹni tó bá ń kánjú á rò pé ẹ kó ọjà tó ju èyí tí a béèrè lọ fíìfíì wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n já páálí kan wò ní sítóò. Ẹyọ 36 ló wà nínú rẹ̀, 36 lọ́nà 40 sì ni 1,440. Ọjà kan náà ni, ọ̀nà tí a gbà kà á ló yàtọ̀.

Owó ni kò bára mu. Tí a bá pín 54.00 sí ọ̀nà 36, ẹyọ kan á jẹ́ 1.50, kì í ṣe 1.80. 0.30 lórí ẹyọ kan kò jọ nǹkan kan, àmọ́ lórí ẹyọ 1,440 ó ti di 432.00, ó sì ju ìdajì gbogbo owó tí a ń jiyàn lé lórí lọ. Àfikún 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 2 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ìlànà wa fi àyè gbà kí owó fi ju ti ìwé ọ́dà lọ láìjẹ́ pé ọ̀gá kan fọwọ́ sí i. Ká ní páálí lẹ fi kọ ọ́ sórí ínfọ́ìsì ni, ẹnikẹ́ni ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀ pé owó ti yí padà. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ di ẹyọ yìí ló bo ó mọ́lẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o.

Mo bi Ẹ̀ka Rírà Ọjà bóyá wọ́n ti gbọ́ pé owó sẹ́lótéèpù gòkè. Wọ́n ní rárá, pé 54.00 fún páálí kan ló wà nínú lẹ́tà tí ẹ fi gba ọ́dà náà ní ọjọ́ 4 oṣù yìí, lẹ́tà ọ̀hún sì wà nínú fáìlì. Ohun tí mo fura sí ni pé ẹ ní ìwé iye owó méjì, ọ̀kan fún ẹni tó ń ra páálí, èkejì fún ẹni tó ń ra ẹyọ, tí kọ̀ǹpútà yín sì mú ti ẹlẹ́yọ. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀. Tí owó bá gòkè lóòótọ́, ẹ fi ìwé tí ẹ fi sọ fún wa kí ọjà tó kúrò lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́, ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, 54.00 la ó san.

Èkejì ni ìbọ̀wọ́ iṣẹ́. Níbí, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ohun kan náà tí a bá wo ohun tí ẹ tẹ̀ sórí wọn nìkan: 600. Ìdì 25 nìyẹn, ìbọ̀wọ́ 24 nínú ìdì kan, ìbọ̀wọ́ kan ní 4.25. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìwé ìfijíṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa ní ìkọ̀wé báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kìíní: «ìdì 24 la gbà, ìdì kan kò sí». Olùtọ́jú sítóò fọwọ́ sí i, dírẹ́bà yín náà fọwọ́ sí i. Mo fi ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Nọ́ńbà kan náà ló wà lórí méjèèjì, ọjọ́ kan náà, àmọ́ kò sí báírò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kìíní lórí tiyín. Àlàyé tí sítóò ṣe fún mi ni pé dírẹ́bà ti já ẹ̀dà tirẹ̀ kúrò lára ìwé nígbà tí wọ́n já ẹrù tán, kí wọ́n tó parí kíkà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìdì kan dín, wọ́n pè é padà, ó fọwọ́ sí tiwa, kò sì rántí kọ ọ́ sórí tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í wò. Ẹ bá wa yẹ inú ọkọ̀ àti sítóò tiyín wò pẹ̀lú, bóyá ìdì náà ṣì wà níbẹ̀.

576 la gbà, 576 la ó san owó rẹ̀. 102.00 ni owó ìdì tí kò dé. Ìbọ̀wọ́ náà ṣì wúlò fún wa, nítorí náà tí ẹ bá rí i, ẹ gbé e wá pẹ̀lú ìwé ìfijíṣẹ́ tirẹ̀, a ó sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti ọ̀rá tí a fi ń we ẹrù yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Rólù 25 la béèrè, 30 lẹ kó wá, 30 náà lẹ sì kọ sórí ínfọ́ìsì, rólù kan ní 38.00. Ìwé ìfijíṣẹ́ àti ínfọ́ìsì bára mu, àmọ́ ìwé ọ́dà ni àṣẹ wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pàṣẹ márùn-ún tó lé. Ó yẹ kí sítóò dá a padà ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà á wọlé, mo sì ti bá wọn sọ ọ́. Rólù márùn-ún náà wà lọ́tọ̀, a ò tú wọn. Ẹ̀ka Rírà Ọjà ní àwọn lè mú wọn sílẹ̀ ní 38.00 kan náà tí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á ṣe àfikún sórí ìwé ọ́dà, 190.00 á sì kúrò nínú ohun tí a ń jiyàn lé lórí. Tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ wá kó wọn nígbàkigbà tí ọkọ̀ yín bá tún kọjá.

Ìkẹrin ni 120.00 tí ẹ pè ní owó ọkọ̀. Ìwé ọ́dà sọ pé owó ọjà ti kó owó gbígbé e dé sítóò wa mọ́ra, ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀. A ò lè san án.

Báyìí ni ìṣirò ṣe rí lójú tiwa:

Ìbọ̀wọ́: 576 × 4.25 = 2,448.00
Sẹ́lótéèpù: 40 × 54.00 = 2,160.00
Ọ̀rá: 25 × 38.00 = 950.00
Àròpọ̀: 5,558.00

Tí ẹ bá fi rólù márùn-ún sílẹ̀ fún wa, á di 5,748.00.

Ní ti bí a ó ṣe tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ ínfọ́ìsì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́. Kọ̀ǹpútà wa á kà á sí ẹ̀dà kejì, á sì lé e padà. Kírẹ́díìtì nóòtì ló máa rọrùn jù fún tọ̀túntòsì: ẹ kọ ọ́ lé INV-9135 lórí, 844.00, tàbí 654.00 tí a bá mú rólù sílẹ̀, kí ẹ to ìdí rẹ̀ sí ìlà ìlà, kí ẹ sì ṣe ìṣirò owó orí ọjà lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ bi mí lánàá bóyá a lè kọ́kọ́ san apá tí kò níjà nínú. Ó wu èmi náà, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé ṣe kí kírẹ́díìtì nóòtì tó dé. Tí a bá san ìlàjì báyìí, ìyókù á dúró gẹ́gẹ́ bíi gbèsè lórí ìwé yín, ẹlòmíì lọ́dọ̀ yín á sì máa kọ lẹ́tà gbèsè sí wa lórí owó tí èmi àti ẹ̀yin ti mọ̀ pé kì í ṣe gbèsè. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin la ó tún san owó àwọn olùtajà. Tí ìwé yín bá dé ọwọ́ mi kí ọjọ́ 30 oṣù yìí tó parí, ẹ máa wà lára àwọn tí a ó san fún lọ́jọ́ náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ tó wà nínú àdéhùn kò tíì pé, nítorí náà kò sí ẹni tó ti pẹ́ jù nínú wa.

Ó ku ohun kan tí kò kan 844.00 náà rárá. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó wà nísàlẹ̀ ínfọ́ìsì yìí yàtọ̀ sí èyí tí a ti ń sanwó sí tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ṣí àkáǹtì tuntun. A kì í yí àkáǹtì padà nítorí ohun tí a rí lórí ínfọ́ìsì tàbí nínú ímeèlì, ì báà jẹ́ ti ẹni tí a mọ̀ bí ẹni mọ owó. Màá pe yín lọ́sàn-án òní lórí nọ́ńbà tí a ti ní lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín rajà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọ̀gá tó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ báńkì wà nítòsí. Kí a tó sọ̀rọ̀ yẹn, àkáǹtì àtijọ́ la ṣì mọ̀.

Mo so ìwé ọ́dà, ẹ̀dà ìwé ìfijíṣẹ́ tiwa tó ní ìkọ̀wé báírò, lẹ́tà yín ti ọjọ́ 4 àti àwòrán páálí sẹ́lótéèpù tí a já mọ́ ìwé yìí. Ẹ fèsì sí èmi àti Ẹ̀ka Rírà Ọjà pọ̀, kí ọ̀rọ̀ rólù márùn-ún má baà há sọ́dọ̀ mi.

Ẹ ṣeun mà.

Akọ̀wé Owó Sísan