Kí ló dá rírà náà dúró? Ìbéèrè díẹ̀ fún ẹ̀yin oníbàárà wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá, ẹ yà sí ìsọ̀ àdìrẹ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ ò sanwó. Ẹ ò ṣẹ̀ wá rárá. Lójú ọjà, bí oníbàárà bá fẹ́ máa lọ, ìyá aláṣọ á gbọ́ "ó ti wọ́n jù" létí ara rẹ̀, á sì mọ ohun tó kàn. Àwa ò gbọ́ nǹkan kan, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nìkan la rí. Ìdí tí a fi ń bi yín nìyẹn.

Kò lè gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, ẹ fò ó. Bí kíkọ bá ni yín lára, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù.

1. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí ẹ fi fi aṣọ náà sílẹ̀? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín. (A mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí ṣáájú, kí a má baà fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu.)

2. Nígbà tí ẹ ń mú aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, kí ló wà lọ́kàn yín?
☐ Mo fẹ́ rà á lọ́jọ́ náà gan-an
☐ Mo fẹ́ mọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́
☐ Mo ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí owó bá wọlé
☐ Aṣọ ẹbí ni, mo fẹ́ kí àwọn yòókù rí i ná

3. Ibo lẹ dé kí ẹ tó kúrò?
☐ Mo ṣì ń wo ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀
☐ Ibi tí wọ́n ti ní kí n forúkọ sílẹ̀
☐ Ibi tí owó ìfiránṣẹ́ ti yọ
☐ Ibi ìsanwó
☐ Mi ò rántí mọ́

4. Owó ìfiránṣẹ́ ńkọ́? Lásìkò yìí, a ń gba ₦1,500 láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ₦2,500 sí Iléṣà, ₦4,500 sí Èkó. Ìparí pátápátá ni iye yìí ti ń jáde sí yín lójú, a sì fura pé ibẹ̀ gan-an ló ń lé àwọn kan sá. Ìfura lásán ni o. Ẹ tún wa ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.
Ìlú wo ni ọjà yín ń lọ? Ṣé ẹ mọ iye náà kí ẹ tó dé ìparí? Èló ni ì bá tẹ́ yín lọ́rùn?
Bí a bá ní kí ẹ wá gbé e fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágere láìsan owó ìfiránṣẹ́, ṣé ẹ máa wá?
☐ Màá wá ☐ Mi ò ní wá ☐ Mi ò sí nítòsí

5. Bó bá jẹ́ ibi ìsanwó lẹ ti dúró, kí lẹ rí níbẹ̀?
☐ Káàdì mi kò ṣiṣẹ́
☐ Nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kò wọlé
☐ Nẹ́tíwọ̀kì lọ
☐ Ìgbà tí ọjà bá dé ọwọ́ mi ni mo fẹ́ sanwó
☐ Báńkì yọ owó, àmọ́ ẹ̀yin ò sọ pé ẹ rí i

Ẹni tó bá mú èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de òpin ìbéèrè. Ẹ fi ọjọ́ àti iye owó náà ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù lónìí, ká lè wá a. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì tàbí nọ́ńbà àṣírí yín kún un. A ò nílò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

6. Báwo ni ọkàn yín ṣe balẹ̀ tó pé aṣọ tí ẹ rí nínú fọ́tò ni ẹ máa gbà?
☐ Ó balẹ̀ dáadáa ☐ Ó balẹ̀ díẹ̀ ☐ Kò balẹ̀
Kí ló fà á? Àwọ̀ ẹlú máa ń yí lójú fóònù, nítorí náà ẹ má fi èyí pa mọ́ fún wa.

7. Ṣé ẹ ti ra irú aṣọ náà níbòmíràn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀ tí àwa ò ṣe?

8. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, èwo ni ká kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹyọ kan péré.

A máa yọ ₦500 nínú ọjà tí ẹ bá tún rà, ìbáà jẹ́ ìyìn tàbí ìbínú lẹ kọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sísàlẹ̀. Èmi àti àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan ló máa rí i. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ká pa á rẹ́ nígbàkigbà.

Ẹ tẹ "Fi ránṣẹ́" kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ ṣé gan-an.