Kí Èèrà Tó Yà Sídìí Ìtọ̀: Ọ̀rọ̀ Ìlera fún Àwọn Tó Ti Lé ní Ogójì Ọdún

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Kàbbà, òkun o. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ láàárọ̀ yìí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ láàárín yín.

Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé bí èèrà bá bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, ẹni náà ní àtọ̀gbẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà a máa pẹ́ kó tó dé. Kíndìnrín a máa dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó bá ìtọ̀ jáde àfi bí ó bá ti ga tó nǹkan bí 180 mg/dL. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí tirẹ̀ bá ti tó 126 kó tó jẹun láàárọ̀, tí àyẹ̀wò kejì sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ti ní àrùn náà. Ènìyàn lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èèrà kankan tó yà sídìí ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró de èèrà. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ di bàìbàì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kú débi pé ìṣó gún un lóko, kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Kí ló dé tí mo fi ń pe àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún? Ínsúlíìnì ni ara fi ń gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí yóò ti wúlò. Bí ọjọ́ orí ti ń ga, ẹran ara a máa dín kù, ọ̀rá a máa pọ̀ níkùn, ínsúlíìnì kì í sì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko tẹ́lẹ̀ ti ń gun ọ̀kadà báyìí, òkèlè iyán kò sì dín kù. Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn ohun dídùn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí iyán, ẹ̀bà àti àmàlà pẹ̀lú a máa di ṣúgà nínú ara.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pàápàá ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní in, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, àti obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga nígbà oyún. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín bá wà láàárín 100 sí 125 kí ẹ tó jẹun, ẹ má bẹ̀rù: ìrìn ojoojúmọ́ àti dídín òkèlè kù lè mú un wálẹ̀ kó tó di àrùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, láti agogo méje àárọ̀, a ó wà ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ má jẹ ohunkóhun lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ẹ lè mu omi. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ rí mi lónìí.