Àǹtí Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ti ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀rífá tó wà nínú gúrúùpù yẹn

Ẹ kú ilé mà. Ẹ kú iṣẹ́ òní náà o, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ nínú gúrúùpù torí ẹ̀gbọ́n ni yín, kò bójú mu kí n máa já yín lẹ́nu níṣojú gbogbo tísà, tàwọn kọ́pà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe wá bá yín níbí.

Ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀rífá, tísà Pírámárì Fọ́ọ̀ tí ò wá sùkúù, tẹ́ ẹ kọ sínú gúrúùpù Wáàsáàpù wa lálẹ́ àná ni. Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí mi, ẹ má kọ irú ẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì bá mi pa èyí tẹ́ ẹ ti kọ rẹ́.

Èyí tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pé kí la ti gbọ́ nípa Àǹtí Pírámárì Fọ́ọ̀, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè. Èyí tó tẹ̀ lé e ló bà mí lẹ́rù. Ẹ ní ẹni tó gbowó lẹ́sìnnì lọ́wọ́ òbí tó wá di àwátì, ká máa rò ó wò, ẹ wá fi èmójì ẹ̀rín sí i. Àǹtí mi, olè lẹ pè é yẹn o, bẹ́ ẹ tiẹ̀ fi ẹ̀rín bò ó. Èmi sì wà ní ọ́físì ní Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tó ń ka owó yẹn fún bọ́sà, bọ́sà kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì sáìnì. Ẹni tí ò bá dá a lójú, kó lọ wo ìwé. Ká ní owó kù gan-an, ọ̀dọ̀ Mọ́mì tó ni sùkúù ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe inú gúrúùpù tí dẹrẹ́bà bọ́ọ̀sì sùkúù àti ìyá tó ń se oúnjẹ wà.

Ti fóísì nóòtì ni mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ. Èyí tẹ́ ẹ ti ń sọ pé ẹ gbọ́ pé ọkọ ẹ̀ ti lé e jáde, pé ó ti padà sí Ìjẹ̀dé sílé bàbá ẹ̀. Ta ló sọ fún yín? Mi ò ní kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni náà fún mi o, mi ò fẹ́ mọ̀, àmọ́ ẹ bi ara yín bóyá ẹni yẹn débẹ̀. Ohùn yín ni wọ́n á máa gbọ́ o àǹtí mi, bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ni, èèyàn ṣì lè ní ẹlòmíì ló di fóònù òun mú, ohùn yín wá ńkọ́, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìkòròdú tá a wà yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo wa la mọra? Ìyá ọkọ ẹ̀ ń tajà ní ọjà Sábó, ọ̀kan nínú àwọn tísà wa sì ń rajà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo Sátidé. Kí ẹnì kan fọ́wọ́dù ẹ̀ báyìí, kí àwa tó dé Gáréèjì láàárọ̀ ọ̀la, ó ti dé Ìta Ẹlẹ́wà, ó ti gba ibẹ̀ dé ilé ọkọ ẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, tótó ṣe bí òwe o mà.

Ohun tó jọ pé ẹ gbàgbé ni pé Ṣẹ̀rífá gan-an wà nínú gúrúùpù yẹn. Wọn ò yọ ọ́. Láti Fúráídeè ni fóònù ẹ̀ ò ti sí lórí ọnláìnì, àmì kan ṣoṣo ni mẹ́sééjì tí mo fi ránṣẹ́ sí i ṣì ń gbé. Lọ́jọ́ tó bá tan dáàtà, gbogbo ẹ̀ ló máa ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti ẹ̀rín àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ẹ tẹ mẹ́sééjì yín mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo Info, ẹ máa rí orúkọ gbogbo àwọn tó ti kà á. Mo gbà pé ẹ ò ní rí tiẹ̀ níbẹ̀. Àyè tá a ní nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ mú Delete for everyone, mẹ́sééjì yẹn àti fóísì nóòtì. Ẹ má mú Delete for me o, tìyẹn, ojú tiyín nìkan ló máa kúrò, gbogbo wa á ṣì máa rí i, tẹ́ ẹ ò bá sì tètè tẹ Undo, kò ní ṣeé yí padà mọ́. Wáàsáàpù ò gbà ju bí ọjọ́ méjì lé díẹ̀ lọ, alẹ́ Sọ́ńdè lẹ sì kọ ọ́, tó bá fi máa di ọ̀sán Wẹ́sìdeè, kò ní gbà fún yín mọ́, àfi kẹ́ ẹ lọ bẹ ọmọ Mọ́mì tó jẹ́ ádímìnnì bóyá tiẹ̀ á gbà, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn máa dà lẹ́tí Mọ́mì. Tó bá pa rẹ́ tán ó máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ pa nǹkan rẹ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣàlàyé, ẹ má bẹ̀bẹ̀ nínú gúrúùpù, torí àwọn tí ò tíì rí i á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló wà níbẹ̀. Tẹ́nì kan bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ ò kúkú ní láti dá a lóhùn.

Ìdí tí ò fi wá, mo mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá sùkúù kó tó lọ, wọ́n sì fún un láyè. Mi ò ní sọ ọ́ fún yín, ẹ má bínú, kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ni. Tó bá dé tó fẹ́ sọ, á sọ.

Àǹtí mi, mo mọ ibi tó ti ń dùn yín. Ẹ̀yin lẹ ń di kíláàsì méjì mú pọ̀, Pírámárì Tíríì tiyín àti tiẹ̀, ọmọ wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kéèyàn jókòó, ìdánwò tún ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ iye ọjọ́ tó máa pẹ́ fún yín. Ó tó kínú bí èèyàn, ká sòótọ́. Ọ̀gá sùkúù ni ìyẹn kàn àmọ́, kì í ṣe Ṣẹ̀rífá. Táámù tó kọjá tí ìyá yín wà ní Jẹ́nẹ́rà, tẹ́ ẹ ò fi lè wá, àwọn kan ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ yín ní sítáàfù rúùmù, Ṣẹ̀rífá ló ní kí wọ́n fi yín sílẹ̀, ó sì gba kíláàsì yín láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n sọ fún yín rí.

Màá gba Máàtì àti Básíìkì Sáyẹ́ǹsì Pírámárì Fọ́ọ̀ lọ́wọ́ yín láti ọ̀la, àwọn tèmi ń lọ sí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn bíréèkì, mo láàyè lásìkò yẹn. Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ìwé ìbéèrè ìdánwò wọn, ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ́ ní Tọ́sìdeè lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọlé, màá ti bá ọ̀gá sùkúù sọ ọ́ kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n lè sọ fún wa ẹni tó máa dúró dè é títí táámù á fi parí.

Ẹ pe mí tẹ́ ẹ bá ti pa á rẹ́, tàbí tí kò bá yé yín ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Mi ò tíì sùn. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ mà.