Ímeèlì tó gbóná, àti bí mo ṣe tún un kọ

Àbúrò mi,

Mo ti ka ímeèlì tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó yẹn. Ó dára tí o kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo da tìrẹ síbí bó ṣe wà, kí ojú wa lè jọ wà lára rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa.

Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo sọ lóṣù tó kọjá, tí mo tún sọ lóṣù tó ṣáájú rẹ̀ (bóyá ímeèlì mi kì í dé ọ̀dọ̀ yín ni), ọjọ́ 25 ló yẹ kí iye owó oṣù máa wọlé. Mo rí i pé ọjọ́ 28 ló wọlé, ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣeun o. Àwa tí a ò ní nǹkan mìíràn tí à ń ṣe, a ti rí nǹkan fi òru ṣe.

Inú mi dùn gan-an láti bá yín tún ìlà méjì tí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì ṣe. Mo mọ̀ pé àgbà kì í ṣe àṣìṣe, àwa ọmọdé ni a ò mọ nọ́ńbà kà.

Mo fi ọ̀gá sí i kí gbogbo wa lè jọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Bí kò bá ní ni yín lára jù, ẹ bá wa máa wo kàlẹ́ńdà lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú ọlá o."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé "ẹ kú ọlá". O mọ̀ ọ́n kọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ̀gbọ́n yẹn gbọ́ Yorùbá jù ẹ́ lọ, kò sí èyí tí yóò fò ó dá nínú gbogbo òkò tí o jù. Gbólóhùn "àgbà kì í ṣe àṣìṣe" yẹn nìkan tó láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ àrífín. Nígbà tí ẹjọ́ náà bá fi máa parí, kò sẹ́ni tí yóò rántí ìlà méjì kankan mọ́, ìwọ ni wọn yóò ní kó lọ dọ̀bálẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí inú tó ń bí ẹ kò jẹ́ kí o rí. O pariwo ìlà méjì, o ò sọ ìlà wo. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe nínú gbogbo ìwé náà, ìyẹn lo fi pa mọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbà mẹ́ta tí o tò lẹ́sẹẹsẹ: o sọ fún mi lórí fóònù pé ti oṣù tó ṣáájú èyí tó kọjá dé lásìkò. Ẹyọ kan tó dé lásìkò yẹn ni yóò fi dá ẹ lóhùn, á sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Nígbà tí mo gbọn ìbínú kúrò, mo rí i pé pípẹ́ gan-an kọ́ ló ń dùn ẹ́. Àyè àtiyẹ iṣẹ́ wò ni kò sí, orúkọ rẹ ló sì wà lórí ohun tó ń jáde. Ohun tí mo wá kọ nìyí:

"Àkòrí: Iye owó oṣù yìí: ìlà tó yẹ ká jọ wò, àti ọjọ́ tí yóò máa wọlé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú làálàá ìparí oṣù.

Mo rí fáìlì yín gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé owó àtúnṣe ẹ̀rọ wà ní ìlà 14, ó sì tún wà ní ìlà 31. Owó ọkọ̀ náà wà ní ìlà 19 àti ìlà 36. Mo yọ èyí tó wà nísàlẹ̀ kúrò nínú méjèèjì kí n tó fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì la san án lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí n lè tún ìjábọ̀ náà ṣe.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àárọ̀ ọjọ́ 29 ni ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá. Bí iye owó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28, òru ọjọ́ náà nìkan ló kù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àyè kò sì sí láti bi yín ní ohun tí kò bá yé mi. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ló kọ́kọ́ rí iye kan tí kò bára mu, lẹ́yìn tí ìjábọ̀ ti jáde.

Mo fẹ́ kí iye owó máa wọlé ní ọjọ́ 25 tí a jọ fẹnu kò sí. Bí apá kan kò bá tíì pé, ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sàmì sí ibi tó kù. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ọjọ́ 25 kò ní ṣeé ṣe rárá, ẹ ta mí lólobó ní ọjọ́ 24, kí n lè tètè sọ fún ọ̀gá.

Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹ̀ka yòókù ni kì í tètè kó ìwé ìsanwó wọn wá bá yín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, ká jọ lọ bá wọn sọ ọ́.

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

Wàá rí i pé mi ò fi "ẹ má bínú" síbì kankan. O ò ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò sì fi "bó bá rọ̀ yín lọ́rùn" sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ 25, nítorí bí o bá fi síbẹ̀, ọjọ́ 28 náà á máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó kù díẹ̀ kí n yọ gbólóhùn oṣù tó kọjá yẹn. Ó ta díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, òun sì ni ìdí tí o fi ń kọ̀wé. Bí a bá yọ ọ́, yóò dà bíi pé ìwọ lo kàn fẹ́ràn àtimáa ka ọjọ́ mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́.

Mo yọ ọ̀gá kúrò nínú àwọn tí yóò rí i. Ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ni kí o kọ ọ́ sí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tí o fi ránṣẹ́ bá ṣú tí o ò gbọ́ nǹkan kan nípa àwọn ìlà náà, pè é lórí fóònù. Bí ọjọ́ 25 bá tún kọjá láìsí ìró, ìgbà yẹn ni kí o lọ bá ọ̀gá, ìwé yìí á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Má fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí o. Dúró di ìgbà tó bá ti jókòó sẹ́nu iṣẹ́ lówùúrọ̀. Kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tún lọ wo owó ọkọ̀ yẹn dáadáa: nínú fáìlì tí o fi ránṣẹ́ sí mi, iye tó wà ní ìlà 19 àti èyí tó wà ní ìlà 36 fi díẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó lè jẹ́ ìrìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.