Àlàyé lórí àwòrán tí mo gbé sórí Wọ́sáàpù

Màmá wa,

Ẹ kú ilé o. Ọmọ yín sọ fún mi pé àwòrán ọkùnrin tó ń bojú wẹ̀yìn wo obìnrin aláṣọ pupa, èyí tí mo gbé sórí Wọ́sáàpù, ti ń kó ìdààmú ọkàn bá yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kò sí obìnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Antonio Guillem ló ya fọ́tò yẹn ní ìlú Girona ní 2015. Fọ́tò títà ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn mẹ́ta tí ẹ rí sì kàn ń ṣeré níwájú kámẹ́rà ni. Láti 2017 ni àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń kọ ọ̀rọ̀ sára wọn láti fi ṣàwàdà nípa ohunkóhun tó bá ń fa ojú èèyàn kúrò lára ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ara wọn ni kí ẹ kà. Lára ọkùnrin náà ni mo kọ “Àgbẹ̀ Ìjùmú lóṣù kejì” sí, aláṣọ pupa ni “Kajú”, obìnrin aláṣọ búlúù tó ń bá ọkùnrin náà rìn, tó la ẹnu sílẹ̀ tìyanutìyanu, sì ni “Oko iṣu”.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà, ẹni tí kò bá sì gbé lọ́dọ̀ wa lè má tètè rí i. Ní Abẹ́òkúta, ẹ lè fi láfún ṣe àlejò kí inú rẹ̀ sì dùn. Ní ilẹ̀ Òkun tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogí, àlejò tí kò jẹ iyán yóò máa rò pé a kò kí òun káàbọ̀. Àmọ́ iṣu fẹ́ sùúrù: a ó kọ ebè, a ó gbìn ín, a ó da koríko lé e lórí kí oòrùn má pa á, a ó fi igi gbé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù yóò sì kọjá kí a tó wà á. Kajú kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn, tó yẹ kí ọkọ́ wà lọ́wọ́ èèyàn, ni èso rẹ̀ ń já bọ́. Tọmọdé tàgbà á wà lábẹ́ igi, wọn á máa lọ́ kóró kúrò nídìí èso, wọn á sá a sóòrùn (ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi eyín fọ́ ọ o, oje èèpo rẹ̀ máa ń bó èèyàn lẹ́nu). Lẹ́yìn náà ni oníṣòwò á gbé òṣùwọ̀n dé, á sì ka owó síni lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Àgbẹ̀ tó bá wá tẹ̀ lé kajú pátápátá yóò fi owó náà ra iṣu lọ́jà nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá ń gún tuntun. Gbogbo wa la mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú obìnrin aláṣọ búlúù yẹn fi pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọ yín gan-an ló ní kí n kọ “Oko iṣu” sí i lára, nítorí òun ló ń náwó lọ́jà.

Àna yín,
Bàbá Ṣèyí, Ìyàrá