Aṣọ kọ́ lẹ ń wò o, kéèkì ni! 💙

Ẹ wò ó títí dé ibi tí ọ̀bẹ ti wọ inú rẹ̀.

Ọmọ màmá ẹni 70 ọdún kan ló gbé àdìrẹ àtijọ́ wá bá wa ní Bódìjà. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti ń tú. Ó ní aṣọ tí màmá òun fi pọn òun nìyẹn, òun sì fẹ́ kí màmá bá a lórí tábìlì lọ́jọ́ ìbí wọn. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ ti rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, lára rẹ̀.

Ọwọ́ la fi ya òpó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 9 gbáko. Ìyẹ́ adìyẹ ni aládìrẹ fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró; ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Òdìkejì ìyẹn la ṣe: a po fọ́ńdàǹtì tó bo kéèkì ní àwọ̀ aró, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ya funfun lé e lórí. Ọtí díẹ̀ la fi po àwọ̀ náà, kì í ṣe omi, torí omi máa ń mú fọ́ńdàǹtì lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ọtí a sì gbẹ kíákíá.

Íǹṣì 10, 8 àti 6. Ṣokoléètì nísàlẹ̀, fanílà láàárín, àgbọn lókè, torí àgbọn ni màmá fẹ́ràn.

Nígbà tí wọ́n rí i, òpó Mápó ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. 😭 Wọn ò jẹ́ ká gé ìpele òkè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Aṣọ wo ló wà nínú àpótí màmá yín? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó sọ iye tí kéèkì rẹ̀ máa jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

🎂 Ìpele kan, íǹṣì 8: ₦48,000
🎂 Ìpele méjì: ₦110,000
🎂 Ìpele mẹ́ta bíi tinú fídíò yìí: ₦240,000

Ẹ bá wa sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú òde. Ẹ san ìdajì owó, ọjọ́ yín ti wọ ìwé wa nìyẹn. Kéèkì ọlọ́wọ́-yíyà mẹ́ta péré là ń gbà lọ́sẹ̀, Sátidé oṣù Kejìlá sì ti ń kún. À ń gbé e délé jákèjádò Ìbàdàn.

Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sí fíríìjì. Tó bá jáde sínú ooru, á làágùn, àwọ̀ á sì ṣàn. Yàrá tí oòrùn ò wọ̀ ti tó.

👇🏾 Ẹ kọ ÀDÌRẸ sísàlẹ̀ ká fi àwọn iṣẹ́ wa tó kù ránṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ tẹ líǹkì Wásáàpù tó wà lókè ojú ewé wa.

#KéèkìÌbàdàn #KéèkìÀdìrẹ #Ìbàdàndùn #ÀdìrẹẸlẹ́kọ #OníkéèkìBódìjà #KéèkìỌjọ́Ìbí #Màmá70 #KéèkìÌgbéyàwó #ÒdeÌbàdàn #Fọ́ńdàǹtì