Ìwé ìtumọ̀ dátà fún kajú: ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ṣábẹ̀

Ẹ̀ka ìrajà, ilé ìkẹ́rù àti ẹ̀ka ìṣirò owó ni ìwé yìí wà fún. Bí ìpàdé bá bèèrè iye kajú tí a rà, iye mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò purọ́: ìrajà ń ka èyí tó tutù, ilé ìkẹ́rù ń ka èyí tó ti gbẹ, ìṣirò owó ń ka owó tó jáde. Láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí nìkan ni ká lò.

`kilo_rira`
Kajú tí a gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lójú ìwọ̀n ní abúlé, lẹ́yìn tí a ti yọ ìwọ̀n àpò. Òun ni ìròyìn ń pè ní “kajú tí a rà”, kò sí òmíràn. Kílò ni ká kọ, kì í ṣe iye àpò, torí àpò kan lè gba 80 kílò kí èkejì má tó bẹ́ẹ̀.

```
kilo_rira = kilo_oju_iwon - kilo_apo_ofifo
```

Bí ìwọ̀n bá ka 412, tí àpò òfìfo jẹ́ 5, ẹ kọ 407. Ẹ̀ka ìrajà ló ni ín.

`kilo_gbigbe`
Ìwọ̀n kajú kan náà lẹ́yìn sísá, nígbà tó ń wọ ilé ìkẹ́rù. Omi ló gbẹ, nítorí náà ó yẹ kó dín sí `kilo_rira`. Ẹ má tìtorí ìyẹn pe akọ́jà ní olè. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, ẹ dá ìròyìn dúró, kí ẹ tún un wọ̀n.

`owo_kaju`
Sẹ́fà tí a san fún kajú tó ti gun ìwọ̀n. Owó tí àgbẹ̀ gbà sílẹ̀ kí ọjà tó dé wà ní `owo_asansile`, títí di ọjọ́ tí a bá wọn ọjà. Owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀.

`agbe_to_ta`
Iye ènìyàn tó tà fún wa ní sáà kan, nípa nọ́ńbà ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹnì kan ni. Obìnrin tó ní kajú tirẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọjà rẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà ọkọ nítorí pé ọkọ ló gbé e wá: bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ìyá wa ṣe ń sọnù nínú ìròyìn, ó sì ń dùn wá.

`ojo_iwon`
Ọjọ́ tí a wọn ọjà, bí `2025-04-30`, kì í ṣe ọjọ́ tí a sanwó. Èyí tí a wọ̀n ní 30 Oṣù Kẹrin, oṣù kẹrin ló ni ín, kódà bí owó bá jáde ní oṣù karùn-ún.

`kor`
Pọ́n-ùn èso inú tó dára nínú 80 kílò kajú. Ẹni tó gé àpẹẹrẹ ni kó kọ ọ́.

Ẹ̀ka kan kò gbọdọ̀ dá yí ìtumọ̀ padà. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ ìyípadà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà, kí iye sáà àtijọ́ sì wà bó ṣe wà.